Ìyára tí wọ́n polówó, ìyára tí wọ́n fọwọ́ sọ̀yà: bí a ṣe ń yẹ íńtánẹ́ẹ̀tì ilé wò ní Àbújá

Ẹni tó bá ń gbé ní Kúbwà, Gwàrínpà, Lúgbè tàbí Lókógòmà lónìí kì í wá ẹni tí yóò ta íńtánẹ́ẹ̀tì ilé fún un tì. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń fa okùn fáíbà wọ àdúgbò, àwọn kan ń ta ráútà tó ń lo síìmù 4G tàbí 5G, àwọn mìíràn sì ń gbé àwo sórí òrùlé láti gba àmì láti ojú ọ̀run, bí Sítálíńkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Kínní ọdún 2023. Púpọ̀ nínú wọn ló máa ń kọ nọ́ńbà gàdàgbà kan sójú ìpolówó, ìbáà jẹ́ 20 Mbps, 50 Mbps tàbí 100 Mbps, tí wọ́n á sì kọ "àìlópin" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni iléeṣẹ́ bá oníbàárà dá májẹ̀mú lé lórí. Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà nídìí páláánì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń pariwo rẹ̀. Ìtọ́sọ́nà yìí dá lórí bí a ṣe ń wá méjì yòókù rí, bí a ṣe ń wọn ohun tó ń wọlé gan-an, àti bí a ṣe ń mọ̀ nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ń wọ́ bóyá èrò ló pọ̀ lójú ọ̀nà, bóyá a ti kọjá òdiwọ̀n ìlò níwọ̀ntúnwọ̀nsì, ìyẹn iye dátà tí iléeṣẹ́ gbà kí a lò kí wọ́n tó dín ìyára kù, tàbí Wáífáì inú ilé wa ló lẹ́bi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá nọ́ńbà mẹ́ta inú àdéhùn yín

Ẹ lọ sí ìkànnì iléeṣẹ́ náà, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé pátápátá, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ "Terms and Conditions" àti "Fair Usage Policy" ní lẹ́tà kéékèèké, kí ẹ sì ṣí méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ pé aṣojú tó ń tajà ló wá bá yín nílé, ẹ ní kó fi ìwé méjèèjì ránṣẹ́ sórí Wáásáàpù tàbí ímeèlì yín kí ẹ tó sanwó, nítorí pé ohun tí aṣojú bá fẹnu sọ kò sí nínú àdéhùn, àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò sì ní gbà á bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìyára tí wọ́n polówó. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé "títí dé 50 Mbps", òkè ibi tí ìlà yín lè dé nìyẹn, nítorí iléeṣẹ́ náà ti ṣètò ẹ̀rọ wọn láti dá a dúró níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa bí ó ṣe lè kéré tó.

Nọ́ńbà kejì ni ìyára tí wọ́n fọwọ́ sọ̀yà, èyí tí iléeṣẹ́ gbà pé àwọn kò ní jẹ́ kí ìlà yín já wálẹ̀ kọjá. Nínú àdéhùn àwọn ọ́fíìsì àti báńkì, ẹ óò rí i ní kíkọ pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta, CIR, ó sì máa ń wọ́n gidigidi. Nínú àdéhùn ilé, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó rí i. Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo íńtánẹ́ẹ̀tì ilé ni ọ̀pọ̀ ilé jọ ń pín, bí gbogbo mọ́tò tó ń ti Kúbwà bọ̀ ṣe jọ ń pín ọ̀nà kan ṣoṣo wọ inú ìlú ní agogo méje àárọ̀: mọ́tò tó lè sáré 120 kò ní rí àyè sáré ju èyí tí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ bá gbà fún un.

Ẹ jẹ́ kí á fi fáíbà ṣe àpẹẹrẹ, nítorí àwọn ènìyàn máa ń rò pé òun nìkan ni a kì í bá ẹnikẹ́ni pín. Lórí GPON, ètò pínpín okùn fáíbà tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń lò, okùn kan tó ti ọ́fíìsì wọn wá máa ń pín sí nǹkan bí ilé 32 tàbí 64, gbogbo ilé wọ̀nyí ló sì jọ ń pín 2,488 Mbps tó ń wọlé. Bí ilé 64 bá lo tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó kan ilé kọ̀ọ̀kan kò tó 39 Mbps. Bí wọ́n bá jẹ́ 32, ó sún mọ́ 78 Mbps. Iléeṣẹ́ tó bá ta 100 Mbps fún ilé 64 lórí okùn kan náà ti ta 6,400 lórí 2,488. Èmi kò pe ìyẹn ní jìbìtì, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí gbogbo ilé lo ìlà wọn dé òpin ní ìṣẹ́jú kan náà, owó tí à ń san ì bá sì ti di ìlọ́po ìlọ́po bí kò bá sí pínpín. Ohun tó yẹ kí oníbàárà béèrè ni pé ilé mélòó ni wọ́n kó jọ. Lẹ́yìn okùn àdúgbò yìí, ọ̀nà mìíràn tún wà láti Àbújá dé Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn okùn abẹ́ òkun ti gúnlẹ̀ sí Nàìjíríà, a sì jọ ń pín ìyẹn náà. Ìdí nìyẹn tí gígé àwọn okùn abẹ́ òkun nítòsí Àbíjáànì ní oṣù Kẹta ọdún 2024 fi kan ẹni tó wà ní Gwàrínpà gẹ́gẹ́ bó ṣe kan ẹni tó wà ní Ìkẹjà.

Ti ráútà 4G àti 5G tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí máàsìtì tó ń fún ilé yín ní íńtánẹ́ẹ̀tì náà ló ń bá fóònù gbogbo ẹni tó ń kọjá ṣiṣẹ́. Iléeṣẹ́ kò lè mọ iye ènìyàn tí yóò péjọ sí abẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ má retí pé wọ́n á fọwọ́ sọ̀yà fún ìyára kankan.

Bí àdéhùn yín kò bá ní CIR, ó lè sọ iye ilé tó ń pín, tí wọ́n máa ń kọ bíi 1:10 tàbí 1:20. Ẹ fi nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú rẹ̀, bíi 10 nínú 1:10, pín ìyára tí wọ́n polówó, ẹ óò sì rí ibi tó lè já sí nígbà tí èrò bá pọ̀ jù lọ: 50 Mbps lórí 1:10 lè wá sí 5 Mbps. Bí ẹ kò bá rí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ kà á sí pé iléeṣẹ́ náà kò ṣèlérí ìyára kankan fún yín, kí ẹ sì fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá ń fi owó rẹ̀ wé ti ẹlòmíràn.

Nọ́ńbà kẹta ni ìyára tí wọn yóò dín in kù sí bí ẹ bá ti kọjá òdiwọ̀n ìlò níwọ̀ntúnwọ̀nsì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí FUP. Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ kà. Ẹ wá iye GB tí òdiwọ̀n náà jẹ́, ẹ wá Mbps tí wọn yóò fi yín sí lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí kíkà náà yóò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Àwọn kan ń ka ti ọjọ́ 30 láti ọjọ́ tí ẹ sanwó, àwọn kan ń tẹ̀lé oṣù inú kàlẹ́ńdà, òdiwọ̀n àwọn mìíràn sì jẹ́ ti ojúmọ́ kan, tí yóò tún padà ní ọ̀gànjọ́. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í béèrè, tó sì máa ń gbà wọ́n lówó jù, ni bóyá dátà tó ń jáde láti inú ilé náà wà nínú kíkà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ó wà níbẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kan kì í dín ìyára kù sí nọ́ńbà kan pàtó rárá. Wọ́n kàn máa ń fi ẹni tó ti kọjá òdiwọ̀n sẹ́yìn ìlà nígbà tí èrò bá pọ̀, ìyàtọ̀ yìí yóò sì wúlò fún wa bí a bá dé orí wíwọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò wákàtí tí òdiwọ̀n náà lè gbé

Mbps tó wà lójú ìpolówó ń ka bíìtì, ṣùgbọ́n GB tó wà nínú òdiwọ̀n ń ka báìtì, bíìtì mẹ́jọ ló sì wà nínú báìtì kan. 50 Mbps kò lè wọ 50 MB wálé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 6.25 MB ló lè wọ̀. Fáìlì 1 GB yóò gbà á tó ìṣẹ́jú méjì àti ìdajì ó lé díẹ̀ bí ohun gbogbo bá lọ déédéé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye GB tí ìyára kan lè gbé láàárín wákàtí kan, ẹ lo èyí:

```
GB = Mbps × 0.45
```

Ẹ mú páláánì 50 Mbps tí òdiwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 400 GB, tí wọn yóò sì dín in kù sí 3 Mbps lẹ́yìn náà. 50 lọ́nà 0.45 jẹ́ 22.5 GB ní wákàtí kan. Ẹ fi pín 400, ẹ óò rí i pé wákàtí 18 kò ní pé tí òdiwọ̀n oṣù kan fi tán bí ilé náà bá ń lo gbogbo ìyára tí wọ́n tà fún un. Oṣù tó ní ọjọ́ 30 sì ní wákàtí 720. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń rà á rí ìṣirò yìí dáadáa kí ó tó fọwọ́ sí nǹkan kan, nítorí "àìlópin" tó wà nínú páláánì náà jẹ́ òótọ́ lórí 3 Mbps nìkan.

Ilé gidi kì í lo ìlà dé òpin tọ̀sán-tòru, nítorí náà ẹ ṣírò ohun tí ilé yín ń ṣe. Fíìmù lórí Nẹ́tífíkísì tó mọ́ rekete lè jẹ tó 3 GB ní wákàtí kan, ti 4K sì lè jẹ tó 7 GB. Ẹni tó bá ń wo wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ ní 4K yóò lo 21 GB, òdiwọ̀n 400 GB yóò sì tán ní ọjọ́ kọkàndínlógún àbí ogún. Bí ó bá yí àwòrán náà padà sí HD, 270 GB ni yóò lò fún oṣù odindi. Lórí tẹlifíṣàn tí kò tóbi púpọ̀, ojú kì í tètè mọ ìyàtọ̀ náà, n kò sì rí ìdí tí a óò fi fi ìlọ́po méjì dátà sanwó fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọn ìyára lọ́nà tí kò ní ní iyàn nínú

Iléeṣẹ́ kò ní gba àbájáde tí ẹ fi fóònù wọn láti inú yàrá, nítorí wọ́n á ní Wáífáì yín ló fà á, òótọ́ sì lè wà níbẹ̀. Ẹ wá láàpútọ́ọ̀pù kan, ẹ fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀yìn ráútà, kí ẹ sì pa Wáífáì inú láàpútọ́ọ̀pù náà. Bí páláánì yín bá ju 100 Mbps lọ, ẹ rí i dájú pé ojú ihò ráútà àti wáyà náà lè gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ráútà olówó pọ́ọ́kú ní ihò tí kò lè kọjá 100 Mbps. Àmì rẹ̀ ni pé àbájáde yín yóò máa dúró sí 93 tàbí 94 ní gbogbo ìgbà. Ẹ ní kí gbogbo ará ilé dá ohun tí wọ́n ń ṣe dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, títí kan tẹlifíṣàn àti kámẹ́rà.

Ẹ wọn ọ́n ní agogo mẹ́fà àárọ̀, agogo méjì ọ̀sán àti agogo mẹ́sàn-án alẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan. Àárọ̀ kùtùkùtù ni ọ̀nà máa ń dá, agogo mẹ́sàn-án alẹ́ sì ni gbogbo àdúgbò ti ọjà àti ibi iṣẹ́ dé. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ lo speedtest.net àti fast.com. Èyí àkọ́kọ́ máa ń mú sáfà tó bá sún mọ́ yín jù, ó sì lè jẹ́ inú iléeṣẹ́ tó ń tà á fún yín gan-an ni sáfà náà wà, débi pé yóò yára gan-an láì fi ti ọ̀nà tó jáde kúrò ní Àbújá ṣe. Ẹ fọwọ́ yan sáfà kan ní Èkó àti òmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ sì kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Sáfà Nẹ́tífíkísì ni fast.com fi ń wọ̀n, nítorí náà ó ń fi hàn bí fíìmù yóò ṣe wọlé sí.

Ẹ kọ ọjọ́, aago, ìyára tó ń wọlé, ìyára tó ń jáde, àti iye GB tí ìkànnì tàbí áàpù iléeṣẹ́ náà sọ pé ẹ ti lò, kí ẹ sì ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà náà pa mọ́. Ohun tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ nígbà tó bá yá. Bí ẹ bá rí 46 tàbí 47 lórí páláánì 50 Mbps, ẹ má bínú. Dátà kọ̀ọ̀kan ń ru àdírẹ́sì tirẹ̀ dání lójú ọ̀nà, àdírẹ́sì náà sì ń gba àyè díẹ̀.

Bí ìpè fídíò bá ń já tí ìyára sì dára, ẹ ṣí ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ lórí Windows, kí ẹ tẹ èyí:

```
ping -n 50 8.8.8.8
```

Àṣẹ yìí ń fi ẹyọ dátà kékeré 50 ránṣẹ́ lọ sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo iye tó sọnù nínú 50 náà. Lórí wáyà, kò yẹ kí ó sọnù rárá tàbí kó ju ẹyọ kan lọ. Bí mẹ́rin tàbí márùn-ún bá ń sọnù ní gbogbo ìgbà, ìlà náà ló ní àbùkù, àlékún ìyára kankan kò sì ní wò ó sàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi àbájáde náà dá àìsàn mọ̀

Ohun mẹ́ta tó máa ń fa ìlọ́ra yìí kì í jọra lójú ìwé. Bí ó bá jẹ́ èrò ló pọ̀, nọ́ńbà yín yóò máa lọ sókè sódò: yóò ga ní agogo mẹ́fà àárọ̀, yóò sì wálẹ̀ ní alẹ́. Ẹ̀rí kan tó wúlò fún wa níhìn-ín ni iná ìjọba. Bí NEPA bá mú iná lọ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tí ínfátà sì gbé ráútà yín, ẹ tún wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀. Bí ìyára bá fò sókè, ráútà àwọn aládùúgbò tó kú ló fún yín ní àyè.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ti kọjá òdiwọ̀n, nọ́ńbà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. 2.9 ní àárọ̀, 2.9 ní ọ̀sán, 2.8 ní ọ̀gànjọ́. Kò sí èrò tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn kì í lò ó ní agogo mẹ́ta òru tó bí wọ́n ṣe ń lò ó ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Àyàfi àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi ẹni tó kọjá òdiwọ̀n sẹ́yìn ìlà, tí mo mẹ́nu bà lókè: ti wọn yóò yára ní òru, yóò sì rọ pátápátá ní alẹ́, kò sì sí ohun tí ẹ fi lè yà á sọ́tọ̀ sí ti èrò ju GB tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ. Bí ti alẹ́ bá ń burú ṣáájú kí ẹ tó dé òdiwọ̀n, èrò ni. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ kọjá rẹ̀, FUP ni.

Bí ti orí wáyà bá dára, tí ti fóònù nínú yàrá sì burú, inú ilé ni ọ̀rọ̀ wà. Ìgbì 2.4 GHz máa ń wọ ògiri ju 5 GHz lọ, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, gbogbo ilé tó yí yín ká ló sì ń lò ó. Ẹ gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣàn, kí ẹ gbé e sí àárín ilé níbi tó ga, kí fóònù àti tẹlifíṣàn tó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ máa lo 5 GHz.

Ìdílé kan ní Kúbwà

Ẹ jẹ́ kí á fi gbogbo rẹ̀ wò lára ìdílé kan tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, tí wọ́n ra páláánì 50 Mbps tí mo ṣírò lókè: òdiwọ̀n 400 GB, 1:10, 3 Mbps lẹ́yìn òdiwọ̀n, dátà tó ń jáde sì wà nínú kíkà. Ẹ̀dùn ọkàn wọn ni pé íńtánẹ́ẹ̀tì ń bàjẹ́ ní alẹ́, àti pé láti bí ọjọ́ kẹrìnlélógún kò ṣeé lò mọ́, bẹ́ẹ̀ tẹlifíṣàn kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wọn kì í sì wò ó ju wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ lójúmọ́.

Àbájáde orí wáyà ní ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ 46 ní àárọ̀, 38 ní ọ̀sán, 11 ní alẹ́. Èyí ni èrò. Ṣùgbọ́n 11 ṣì ju 5 tí 1:10 gbà láàyè lọ, nítorí náà iléeṣẹ́ náà kò tíì rú àdéhùn, bí ó tilẹ̀ dun ìdílé náà. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, nọ́ńbà náà di 2.9 ní gbogbo wákàtí, ìkànnì sì sọ pé wọ́n ti lo 400 GB. Èyí ni FUP.

Ìbéèrè tó kù ni ibi tí 400 GB náà gbà lọ. Tẹlifíṣàn ń jẹ 4.5 GB lójúmọ́, gbogbo fóònù sì ń jẹ nǹkan bí 2.1 GB, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6.6 GB, tí kò tó 200 GB lóṣù. Ráútà tí iléeṣẹ́ fún wọn kò ní ojú ìwé tó ń fi ìlò ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan hàn, nítorí náà wọ́n ṣe é báyìí: ní agogo mẹ́wàá alẹ́, wọ́n pa Wáífáì gbogbo fóònù, wọ́n yọ tẹlifíṣàn, wọ́n ka GB tó wà lórí ìkànnì, wọ́n sì lọ sùn. Ní agogo mẹ́fà àárọ̀, kíkà náà ti fi 3.6 GB lé sí i. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà, kámẹ́rà ẹnu géètì, tí wọ́n ṣètò láti máa fi fídíò ránṣẹ́ sí ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì láìdákẹ́. 3.6 GB ní wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 0.45 GB ní wákàtí kan, ìyẹn 1 Mbps gẹ́lẹ́, 10.8 GB lójúmọ́, 324 GB lóṣù. Ẹ pa á pọ̀ mọ́ 6.6, ó di 17.4 GB lójúmọ́, òun náà ló sì pé 400 ní ìparí ọjọ́ kẹtàlélógún.

Wọ́n yí kámẹ́rà náà padà kí ó máa gba fídíò sórí mẹ́mọ́rì káàdì, kí ó sì máa fi ránṣẹ́ nígbà tí nǹkan bá rìn níwájú rẹ̀ nìkan. Bí ìyẹn bá wá sí 1 GB lójúmọ́, ilé náà yóò lo 228 GB ní ọjọ́ 30, òdiwọ̀n kò sì ní kàn wọ́n mọ́. Wọn kò nílò páláánì tó wọ́n jù, èyí tí ẹni tó ń tajà ì bá ti gbà wọ́n níyànjú láti rà. Ti alẹ́ ló ṣì kù, ìyẹn kò sì sí lọ́wọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gbé ẹ̀sùn tó bá nídìí lọ

Ẹ̀sùn tó nídìí ni èyí tí wíwọn yín bá ti fi hàn pé ó yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé: ìyára orí wáyà tó wà lábẹ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ sọ̀yà, ìyára tí wọ́n dín kù kí GB òdiwọ̀n tó pé, dátà tó ń sọnù lójú ọ̀nà, tàbí ìpolówó tó ní "àìlópin" láì sí FUP níbikíbi tí ẹ ti lè kà á kí ẹ tó sanwó. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 lòdì sí ìpolówó tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí náà ẹ pa ìwé ìpolówó tí ẹ fi rà á mọ́.

Bí ẹ bá pe iléeṣẹ́ náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò gbọ́ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pa ráútà yín, kí ẹ sì tún un tàn." Ẹ ṣe é, lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè ìbéèrè tó ní ìdáhùn kan pàtó: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìlà mi ti kọjá FUP oṣù yìí? Ọjọ́ wo ló kọjá rẹ̀, Mbps mélòó sì ni ẹ fi í sí báyìí?" Òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lè rí ìdáhùn náà. Kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín, nítorí láì sí i kò sí ẹ̀rí pé ẹ pè. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ ní ímeèlì, pẹ̀lú tábìlì ọ̀sẹ̀ kan náà àti àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́: àtúnṣe, owó tó padà, tàbí ìtúsílẹ̀ kúrò nínú àdéhùn láì sí owó ìtanràn.

Bí wọn kò bá dáhùn, tàbí tí ìdáhùn wọn kò kan ohun tí ẹ kọ, ẹ gbé e lọ sí àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, tí olú iléeṣẹ́ wọn sì wà ní Máítámà níbí. Nọ́ńbà 622 ni a fi ń pè wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín ni nọ́ńbà ẹ̀sùn tí iléeṣẹ́ náà fún yín, nítorí wọn kì í gbọ́ ẹjọ́ tí oníbàárà kò tíì gbé síwájú iléeṣẹ́ tó tà á fún un. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà náà, ọjọ́ tí ẹ kọ ímeèlì, ojú ewé àdéhùn tí ìlérí náà wà, àti àbájáde mẹ́ta péré tó fi ìyàtọ̀ hàn jù lọ, ọ̀kan ti àárọ̀, ọ̀kan ti ọ̀sán, ọ̀kan ti alẹ́. Kí ẹ sì pa ìyókù mọ́ títí wọn yóò fi béèrè fún un.